Ìbọn Tí Wọ́n Yìn Níwájú Kámẹ́rà: Ẹjọ́ Lẹ́fútẹ́náǹtì Lamurde, 1968

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé gbóná janjan, wọ́n mú ọ̀gá sójà Nàìjíríà kan síta ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, àwọn sójà ìjọba tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára wọn sì yìnbọn pa á ní gbangba. Kò sá lójú ogun, kò sì gbàbọ̀dè. Ẹ̀sùn tó gbé e débẹ̀ ni pé ó pa ẹnì kan tó wá láti apá ọ̀tá.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rú ẹnikẹ́ni lójú. Iṣẹ́ sójà ṣebí pípa ọ̀tá ni, ìjọba ló fún un níbọn, ìjọba ló sì ń san owó oṣù rẹ̀ torí ẹ̀. Ká tó lè mọ ibi tí pípa ti kúrò ní iṣẹ́ tó di ìpànìyàn, àfi ká tọ ọ̀rọ̀ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ọ̀gá sójà náà ni Macauley Lamurde, lẹ́fútẹ́náǹtì ni. Abẹ́ Dífíṣọ̀n Kẹta, èyí tí Benjamin Adékúnlé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń darí, ló wà. Dífíṣọ̀n yìí ló gba Pọ́tákọ́ọ̀tù lóṣù karùn-ún ọdún náà, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ rọ́ lọ sí ọ̀nà Aba. Àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá wọn kiri pẹ̀lú kámẹ́rà. Lójú kámẹ́rà yẹn ni Lamurde ti yìnbọn fún ọ̀dọ́kùnrin Ìgbò kan tí ọwọ́ wọn ti tẹ̀, tí kò sí ohun ìjà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn sì jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ń wò ó bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń kú.

Bí ọ̀dọ́kùnrin náà bá ṣe sójà Bìáfúrà, bó sì ṣe ará ìlú tí wọ́n kàn gbá mú lọ́nà, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí òfin ogun ń wò kọ́kọ́ ni ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Sójà ọ̀tá tó ṣì wà lẹ́nu ogun, o lè yìnbọn fún un, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yìn ló kọ sí ẹ, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ ló ń jẹ. Àmọ́ bó bá ti ju ìbọn sílẹ̀, tó nawọ́ sókè, tàbí tí ọta ti bá a débi tí kò lè jà mọ́, tàbí tó ti wà ní ìkáwọ́ rẹ, ogun ti tán lórí tirẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ ará ìlú tẹ́lẹ̀ kò sí lára ogun rárá, àfi bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun ìjà. Nítorí náà, bí a bá fi ojú méjèèjì wo ọ̀dọ́kùnrin yìí, ibì kan náà la máa gúnlẹ̀ sí: ó ti wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti pa á láìsí ìdájọ́.

Ọ̀gá àgbà Lamurde fúnra rẹ̀ ti kọ èyí sílẹ̀ fún un. Lóṣù keje ọdún 1967, bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀, Yakubu Gowon fi ìwé àṣẹ kan ránṣẹ́ sí gbogbo sójà ìjọba nípa ìwà tí wọ́n gbọ́dọ̀ hù lójú ogun. Ó sọ fún wọn pé ogun yìí kì í ṣe ogun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, kì í ṣe ogun ẹ̀sìn, ọ̀tẹ̀ Ojúkwu àti àwọn tó yí i ká nìkan ni wọ́n ń pa. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa ba ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè jẹ́ lẹ́yìnwá ọ̀la, àti pé ọ̀rọ̀ iyì ni fún wọn láti tẹ̀lé Àdéhùn Jìnéfà, òfin àgbáyé lórí ogun. Ó wá to àṣẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má fìyà jẹ aboyún. Kí wọ́n dáàbò bo àwọn ọmọdé. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti àwọn tó ń gbàtọ́jú. Kí wọ́n má fipá bá obìnrin lò. Kí wọ́n má kó ẹrù ẹlẹ́rù. Kí wọ́n tọ́jú ẹni tó bá fara gbọgbẹ́, ìbáà ṣe sójà, ìbáà ṣe ará ìlú. Èyí tó kan Lamurde gan-an ni pé wọn kò gbọdọ̀ pa sójà tó bá túúbá: kí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí òǹdè ogun tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ọmọ èèyàn.

Ìwé àṣẹ náà dára púpọ̀, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ ìjọba ayé ìgbà yẹn ló fún àwọn sójà tirẹ̀ nírú ẹ̀ nínú ogun abẹ́lé. Síbẹ̀ ó lábùkù kan. Ó sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n má dá àwọn sójà àfowóháyà tó wá láti òkè òkun sí, pé àwọn ni ọ̀tá tó burú jù. Lójú òfin, ìyẹn kò tọ́. Sójà àfowóháyà tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹ lè má fún un ní gbogbo ẹ̀tọ́ òǹdè ogun, ẹ lè gbé e lọ síwájú adájọ́ kí wọ́n sì dá a lẹ́bi, àmọ́ ẹ kò lè yìnbọn fún un níbi tẹ́ ẹ ti mú un. Nínú ìwé tó ní kí wọ́n má pa ẹni tó túúbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè mú kí sójà rò pé àwọn kan wà tí pípa wọn kò ní ìbéèrè.

Kí ló dé tí Gowon fi gbà láti fi Àdéhùn Jìnéfà ṣe òfin lé ara rẹ̀ lórí, nígbà tí kò gbà pé orílẹ̀-èdè kan ń jẹ́ Bìáfúrà? Àdéhùn Jìnéfà mẹ́rin ni wọ́n ṣe lọ́dún 1949, Nàìjíríà sì ti wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i láti ìgbà òmìnira. Àwọn tó lọ́gbẹ́ lórí ilẹ̀ ni àkọ́kọ́ wà fún, èkejì fún àwọn tórí omi, ẹ̀kẹta fún òǹdè ogun, ẹ̀kẹrin fún ará ìlú. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó wà nínú wọn kàn. Ìpín kẹta nìkan, tí wọ́n kọ bákan náà sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló dá lórí ogun abẹ́lé. Kò gùn, ojú ìwé kan ló gbà á. Ó ní ẹni tí kò bá jà, tàbí tí kò lè jà mọ́ nítorí ọgbẹ́, àìsàn tàbí àtìmọ́lé, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é bí èèyàn. Ẹ kò gbọdọ̀ pa á, ẹ kò gbọdọ̀ dá a lóró, ẹ kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ, ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdógò, ẹ kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́ ikú àfi níwájú ilé-ẹjọ́ gidi. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣa àwọn tó lọ́gbẹ́ kúrò lójú ogun kí ẹ sì tọ́jú wọn. Ìdí tí ìjọba fi lè gbé e mì wà ní ìparí rẹ̀: títẹ̀lé ìpín yìí kò yí ipò ẹnikẹ́ni padà lábẹ́ òfin. Ó túmọ̀ sí pé o lè tọ́jú òǹdè Bìáfúrà láìtíì gbà pé Bìáfúrà wà.

Gowon tún lọ síwájú ju ibi tí òfin dé. Ìpín kẹta kò fi dandan lé e láti pe àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní òǹdè ogun, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí wọ́n ṣe máa ṣe wọ́n nìyẹn. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ìjọba lè gbé ọlọ̀tẹ̀ lọ sí kóòtù torí pé ó gbé ìbọn ti ìjọba, àmọ́ òǹdè ogun kò lè jẹ́jọ́ torí pé ó jà, àfi torí ìwà ọ̀daràn tó bá hù nínú ìjà náà.

Kí wá ni Lamurde gbọ́dọ̀ ṣe ní ọjọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọ̀dọ́kùnrin náà lórí ìdúró níwájú rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, kí wọ́n gba ìbọn, ọ̀bẹ àti ìwé ológun bó bá ní i, kí wọ́n fi aṣọ rẹ̀, bàtà rẹ̀, rósárì tàbí àwòrán ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bó bá lọ́gbẹ́, olùtọ́jú ni kó kọ́kọ́ rí i, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ sì wà nínú ewu jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn láàárín gbogbo àwọn tó lọ́gbẹ́. Bí ọta bá fọ́ ikùn òǹdè, tí sójà tiwa sì ní ọgbẹ́ lápá, òǹdè ló ṣáájú. (Ibí yìí ló máa ń dun àwọn sójà jù, mo sì mọ ìdí ẹ̀.) Lẹ́yìn náà kí wọ́n bi í ní orúkọ, ipò, nọ́ńbà ológun àti ọjọ́ ìbí. Bó bá ti dáhùn mẹ́rin yìí, kò jẹ wọ́n ní gbèsè ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n lè béèrè, àmọ́ wọn kò lè lù ú kó bàa lè fọhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé e kúrò ní ojú ogun lọ sẹ́yìn kíákíá, torí ewu tó wà fún un níbẹ̀ kò mọ sí ìbọn apá kejì. Ìbínú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ogun láàárín orílẹ̀-èdè, láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá dé àgọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọ káàdì sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ṣì wà láàyè.

Nínú gbogbo ìgbésẹ̀ yìí, kò sí ibi tí ìbọn ti wọlé. Bí Lamurde bá tiẹ̀ fura pé amí ni ọ̀dọ́kùnrin náà, àwáwí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu sójà nìyẹn, òfin ti dá a lóhùn: amí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ìfura kì í ṣe ìdájọ́.

Àwòrán náà dójú ti ìjọba ní Èkó, ní àsìkò tó burú jù. Àwọn àwòrán ọmọ Bìáfúrà tí ebi ti sọ di egungun ti kún inú ìwé ìròyìn Yúróòpù, àwọn kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ta ìbọn fún Nàìjíríà, Ojúkwu sì ń pariwo pé wọ́n fẹ́ pa ìran Ìgbò run. Ní àárín rògbòdìyàn yìí ni Gowon pe àwọn olùwòran láti ilẹ̀ òkèèrè wá sójú ogun, láti Bìrìtéènì, Kánádà, Pólándì àti Súwídìn, pẹ̀lú aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Àwọn ológun dá ẹjọ́ Lamurde, wọ́n ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa á. Wọ́n pe kámẹ́rà sí ìyẹn náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn tó máa yìnbọn ti múra, oníkámẹ́rà kan kígbe pé kí wọ́n dúró ná, ẹ̀rọ òun kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì dúró dè é.

Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n fi kàn án, kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn ogun, ó sì nídìí. Nàìjíríà ní òfin tó fìdí Àdéhùn Jìnéfà múlẹ̀ láti ọdún 1960, àmọ́ àwọn ìrúfin ńlá tí òfin yẹn fìyà sí jẹ́ ti ogun láàárín orílẹ̀-èdè. Ìpín kẹta sọ pé má pa òǹdè, kò sọ ìyà tí ẹni tó bá pa á máa jẹ. Títí di ọdún 1990 sókè, kò sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, lọ́dún 1968, ohun tó kù ni òfin abẹ́lé lásán, òfin tí wọ́n máa fi mú ọlọ́ṣà tó pa onílé. Mo rò pé ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání jù lọ náà nìyẹn. Ẹ̀tọ́ tí sójà ní láti pa èèyàn, ojú ìjà nìkan ló mọ. Bí ìjà bá ti tán lórí ẹni kan, ẹ̀tọ́ náà ti lọ, sójà náà kò sì yàtọ̀ mọ́ sí ẹlòmíràn tó pa ọmọnìkejì rẹ̀.

Ojú kan náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi wo ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1972, nígbà tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá ṣì jẹ́ adájọ́ àgbà Nàìjíríà. Lọ́tẹ̀ yìí, ará apá Bìáfúrà ló wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Pius Nwaoga wọ aṣọ ará ìlú, ó wọ ibi tí ìjọba àpapọ̀ ti gbà, ó sì pa ọkùnrin kan tí kò gbé ohun ìjà, tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló rán òun. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ kó lè dà bí ará ìlú kò lè wá máa pe ara rẹ̀ ní sójà nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ní mímọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tí kò ní ohun ìjà, tó ń gbé ní àlàáfíà, jẹ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn, tí òfin ilẹ̀ wa náà kò gbà, ogun abẹ́lé ì báà máa jà. Ní ti iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an, òfin ìwà ọ̀daràn wa ti sọ pé àṣẹ ọ̀gá lè gba èèyàn sílẹ̀, àfi bí àṣẹ náà bá lòdì sófin lọ́nà tó hàn gbangba. Bó o bá gba àṣẹ pé kí o dáná sun afárá, o lè má mọ̀ bóyá ó bófin mu. Àmọ́ ta ni wọ́n máa ní kó lọ pa ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́, tí kò ní mọ̀?

Àwọn kan máa ń fi ẹjọ́ Lamurde ṣe ẹ̀rí pé ìwé àṣẹ Gowon ní eyín. Mi ò lè bá wọn lọ jìnnà lórí ìyẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Asaba ní ọdún kan ṣáájú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, Dífíṣọ̀n Kejì tí Murtala Muhammed ń darí wọ Asaba, ìlú àwọn Ìgbò tó wà ní apá ìwọ̀ oòrùn odò Ọya, tí kò sí nínú ilẹ̀ tí Ojúkwu pè ní Bìáfúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ọkùnrin jáde nílé, wọ́n ń pa wọ́n pé ẹni tó ń ran ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n. Lọ́jọ́ keje oṣù náà, àwọn àgbà ìlú pe gbogbo ènìyàn jáde kí wọ́n wá fi hàn pé àwọn kò bá ìjọba ṣọ̀tá. Wọ́n wọ akwa ọcha, aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ sóde iyì, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo làwọn fẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibì kan, àwọn sójà ya obìnrin sọ́tọ̀, wọ́n kó àwọn ọkùnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin jọ sí gbàgede Ogbe-Osowa, wọ́n sì fi ìbọn arọ̀jò-ọta rọ̀ wọ́n lulẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ fi iye àwọn tó kú ní Asaba láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan yẹn sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ẹ gbé ìwé àṣẹ náà ka orí ọ̀rọ̀ yìí. Ará ìlú ni wọ́n, wọn kò gbé ìbọn, ọ̀dọ́ àti ọmọ ilé-ìwé wà láàárín wọn, abẹ́ àṣẹ sójà ìjọba ni wọ́n sì wà nígbà tí wọ́n kú. Ohun tí Lamurde ṣe sí ẹnì kan ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Wọn kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síwájú ilé-ẹjọ́ ológun lórí rẹ̀. Kò sí kámẹ́rà ní Ogbe-Osowa, àwọn tó sì wà lókè níbẹ̀ kì í ṣe lẹ́fútẹ́náǹtì. Bí ẹ bá ní ká fi òfin wò ó, ọ̀gá ogun tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pa ará ìlú, tí kò dá wọn dúró tí kò sì fìyà jẹ wọ́n lẹ́yìn náà, ní ẹ̀bi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ẹjọ́ àwọn ọ̀gágun Jàpáánù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ń fi ìlànà yìí dájọ́. Bí wọ́n bá pa lẹ́fútẹ́náǹtì kan torí ẹ̀mí kan, ìlànà yìí ni wọn kò fi kan ẹnikẹ́ni lórí Asaba.

Àwọn tó yè lábẹ́ òkú ìbátan wọn lọ́jọ́ náà gbé ọ̀rọ̀ wọn síwájú ìgbìmọ̀ Oputa, tó ń wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú, nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé. Ní ọdún 2002, Gowon, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ 1967, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Asaba. Ó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.